Pátákó Ẹ̀bá Ọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Mélòó ni Ojú Lè Gbé?

Ní ojú ọ̀nà tí ó gba Ìfọ̀nyìn kọjá, ìyá kan ń ta gààrì àti èlùbọ́. Ó san owó fún oníṣẹ́ ọ̀dà, ó sì gba pátákó tuntun tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 244, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 122, gẹ́gẹ́ bí odindi pákó pẹlẹbẹ kan ti rí láti ilé ìtajà. Orúkọ ìsọ̀ wà lórí rẹ̀, orúkọ olóògbé ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni gààrì funfun, gààrì pupa, èlùbọ́, ẹ̀wà, epo, iyọ̀, ọṣẹ, àti gbólóhùn kan tí ń kí àwọn oníbàárà káàbọ̀. Mo kà á, ọ̀rọ̀ 24 ni. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kọjá, àwọn tí ń bọ̀ láti Ìgòlò ṣì ń sáré kọjá lójú rẹ̀ lọ ra gààrì níwájú. Ó ní kí n wá wò ó.

Mo fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn lẹ́tà rẹ̀: sẹ̀ńtímítà 7 péré ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 1862 ni dókítà ojú kan ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, Herman Snellen, ṣe pátákó lẹ́tà tí wọ́n ṣì fi ń yẹ ojú wò ní ilé ìwòsàn títí di òní. Ìlànà rẹ̀ ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá yóò lè dá lẹ́tà tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 9 mọ̀ láti mítà 6. Èyí túmọ̀ sí pé sẹ̀ńtímítà kan kò lè kọjá nǹkan bí mítà 7 fún ojú tó dára, nínú ilé tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kò dúró jẹ́ẹ́. Eruku ń fẹ́ sí i lójú, oòrùn ń tàn sí i, ọ̀nà ni ó sì yẹ kí ó máa wò. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń dín in kù sí ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: sẹ̀ńtímítà kan fún mítà 3. Bí lẹ́tà bá tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí wọ́n fún un pọ̀, èyí náà kò ní tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò ti ìyá yìí. Sẹ̀ńtímítà 7 ní ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ mítà 21. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti lè ka lẹ́tà náà títí tí yóò fi kọjá rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ ni ó ní. Ọ̀rọ̀ 24 kò ṣeé kà láàárín àkókò yẹn. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba mẹ́jọ, ọkọ̀ yóò sì ti rin ju mítà 110 lọ.

Kí wá ni ó tó? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà sí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí mítà 40 láti dẹ̀ rìn kí ó sì yà láìdẹ́rù ba ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú èyí, ó nílò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: ọ̀kan láti fura pé pátákó wà, méjì láti ka ọ̀rọ̀ méjì. Ìyẹn jẹ́ mítà 42. Pa wọ́n pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 84. Pín in sí mẹ́ta, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 28. Lẹ́tà tó ga báyìí, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, a máa gba nǹkan bí 22 ní ìbú. Ìlà kan kò lè gba ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ lórí pákó náà. Pákó fúnra rẹ̀ ti sọ iye ọ̀rọ̀ tí a lè kọ.

Ọ̀rọ̀ méjì tí a mú ni GÀÀRÌ àti ÈLÙBỌ́. Níhìn-ín ni èdè wa ti ní ìṣòro tirẹ̀. Àmì ohùn wà lókè, àmì sì wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì nílò àyè. Oníṣẹ́ ọ̀dà a máa fi wọ́n sí i nígbà tí ó bá parí tán, kíkéré bí irun, tàbí kí ó lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, kí Ọ fi dà bí ohun tí ọ̀dà ṣàn lára rẹ̀. Àmì náà gbọ́dọ̀ nípọn tó ara lẹ́tà, kí àlàfo tó wà láàárín wọn náà sì nípọn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tí ilẹ̀ Benin gbà ní 1975 fún àwọn èdè ìbílẹ̀, ɔ àti ɛ ni a ń kọ dípò ọ àti ẹ, ṣíṣí tó wà lára wọn sì máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn ju àmì kékeré lọ. Fún pátákó, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n idaji àwọn oníbàárà ìyá yìí ń wá láti ìhà Ìdí-Ìrókò, wọn kò sì mọ̀ ọ́n. A fi Ọ sílẹ̀.

Pípín pákó náà nìyí láti òkè: 10 fún etí, 9 fún àmì ohùn, 28 fún GÀÀRÌ, 9 fún àlàfo, 9 fún àmì ohùn, 28 fún ÈLÙBỌ́, 9 fún àmì ìsàlẹ̀, 10 fún orúkọ ìsọ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò kà, 10 fún etí. Ó pé 122 gééré. Dúdú lórí ìyẹ̀fẹ̀ pípọ́n bí òbúró ni mo yàn, nítorí eruku pupa ìlú wa yóò bo funfun láìpẹ́, lẹ́tà pupa yóò sì sọnù sínú rẹ̀. A yí pákó kúrò lára ògiri, kí ó dojú kọ ẹni tó ń bọ̀. Èyí tó bá gbé ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà, lẹ́tà rẹ̀ a máa sún mọ́ra títí yóò fi dà bí ọgbà igi.

Kí oníṣẹ́ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, a gé Ọ kan láti inú páálí ní ìwọ̀n náà, a gbé e kọ́ sórí ògiri, a sì ka ìgbésẹ̀ 110 lọ. A pe ọmọkùnrin kan tí kò mọ ohun tí a ń ṣe, a ní kí ó sọ ohun tí ó rí. Àkọ́kọ́, ó ní O ni. A fẹ àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó wá ní Ọ.

Ohun tó ṣòro jù ni ìyá náà sọ nígbà tí a fẹ́ parẹ́ ìlà kejì: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá pa orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi rẹ́ nítorí àwọn tó ń sáré?” Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ń sáré tó ti kà á rí. A wá ya pákó kékeré kan sọ́tọ̀, a kọ orúkọ náà ní kíkún pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, a sì kàn án sókè ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù yóò gbé dúró láti ka á.