Ẹkún Alẹ́ Ọmọ Ọwọ́: Ṣé Ó Ti Rẹ̀ Ẹ́ Jù ni, àbí Oorun Kò Tíì Kùn Ún?

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sùn, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ máa ń sọ ni pé oorun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ tí oorun kò tíì kùn rárá náà a máa ké nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Ìtọ́jú tí ó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu.

Ọmọ tí ó rẹ̀ a kọ́kọ́ yán, a sì máa fi ọwọ́ ra ojú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí àsìkò yìí kọjá, ojú rẹ̀ a pọ́n, a di ẹ̀ṣẹ́, a na ẹ̀yìn gbọnrangandan, ìtùnú kò sì ní wọ̀ ọ́ létí. Nígbà mìíràn, ṣe ni yóò máa ta kìtì bí ẹni tí kò rẹ̀, èyí sì ni ó ń tan òbí jẹ jù. Bí ó bá tilẹ̀ sùn, ó lè fi igbe jí láàrin ìṣẹ́jú 45.

Ti ọmọ tí oorun kò tíì kùn yàtọ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wo iná, ó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀, ẹkún rẹ̀ a sì dá kété tí wọ́n bá gbé e.

Aago ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ oṣù 7 lè wà lójúfò fún bíi wákàtí 2 sí 3 kí oorun tó tún kùn wọ́n. Ká sọ pé ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ti ọjà bọ̀, tí ọmọ sì sùn lẹ́yìn rẹ̀ títí di aago 6:15. Ní aago 7, wọ́n tẹ́ ẹ, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́ jù, wọ́n sì ń rẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 45 péré ni ó tíì fi wà lójúfò! Oorun ẹ̀yìn ni wọn kò kà mọ́ oorun. Kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣeré títí di nǹkan bí aago 8:30.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá jí ní aago 3 ọ̀sán, tí wọ́n sì gbé e lọ sí òde ìnáwó títí di aago 8 alẹ́, ó ti lo wákàtí 5 láìsùn. Òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́ àti àyà ìyá ni ó nílò, kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìdajì wákàtí ṣáájú àsìkò rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni láti máa dá a dúró kí ó lè rẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Àwọn wákàtí yìí kì í ṣe òfin, nítorí ọmọ yàtọ̀ sí ọmọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí ti ọ̀fìnkìn kí ó lè sùn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó kọ ọmú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oorun. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.