Ìpàdé Ku Ọ̀la: Ẹ Rán Oníbàárà Létí, Ẹ Má Fòòró Ẹ̀mí Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àdúgbò wa ní Bàrígà ńbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń ṣe káàdì àti ìwé ètò ìnáwó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, obìnrin kan ní London gbé iṣẹ́ fún un: 300 ìwé ètò fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ímeèlì ṣàdéhùn pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹwàá, ní aago 4 ọ̀sán, àwọn á ríra lórí fóònù láti yẹ ìwé náà wò kó tó wọ ẹ̀rọ. Ìyá yìí ti gba ààyè lọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ ní Ṣómólú fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ìpàdé bá yẹ̀, ààyè ti bọ́ nìyẹn. Bó bá sì tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé oníbàárà rí i, tí orúkọ kan ṣì, òun ni yóò ra bébà mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ìpàdé ku ọ̀la, ó kọ ímeèlì, ó ní kí n bá òun wò ó. Ó kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, mo tún ń rán yín létí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìpàdé wa bíi ti ọjọ́sí.” Ó tún fi orúkọ ọkọ obìnrin náà, tó ń sanwó, sí ibi tí wọ́n kọ Cc sí.

Mo ní, “Màmá, ẹni yìí ò tíì ṣẹ̀ yín o!” “Tún” yẹn ń sọ pé ó ti sú yín. “Ẹ má gbàgbé” ń sọ pé onígbàgbé ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ẹjọ́ àná ni. Orúkọ ọkọ tó wà ní Cc sì dà bí ìgbà téèyàn lọ fẹjọ́ aya sùn. Èyí tó wá burú jù ni pé lẹ́tà náà ò sọ aago kankan.

Aago yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹsàn-án, aago kan náà ni àwa àti London ń lò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n máa ń dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Àwa kì í yí tiwa. Ní 2025, 26 oṣù kẹwàá ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Nítorí náà, aago 4 tiwa ti di aago 3 tiwọn.

La bá tún un kọ. Àkọlé rẹ̀ nìyí: “Ìpàdé wa lọ́la, Ìṣẹ́gun 28: aago 4 Nàìjíríà, aago 3 London.” Lẹ́tà náà wá kà báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń retí àtirí yín lórí fóònù lọ́la ní aago 4 tiwa. Wọ́n yí aago yín padà lánàá, aago 3 ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mo fi ìwé náà sínú lẹ́tà yìí. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ lójú ewé 3 ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, kò ní ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Bí àkókò náà ò bá rọrùn mọ́, ẹ kàn fi èyí tó rọrùn ránṣẹ́. Ẹ ṣeun o.”

Ẹ wò ó, kò síbi tó ti ní kó má gbàgbé. Ohun tí yóò ṣe oníbàárà láǹfààní ló gbé dání, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Reply ni a tẹ̀ lórí lẹ́tà oṣù kẹsàn-án, kí àdéhùn àkọ́kọ́ lè wà nísàlẹ̀ fún un láti rí fúnra rẹ̀. A yọ ọkọ kúrò. Ojúmọmọ la fi ránṣẹ́, kì í ṣe òru. Ká ní ọjọ́ Ajé ni ìpàdé ni, ọjọ́ Ẹtì ni à bá ti fi ránṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí lẹ́tà iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Bí èsì ò bá dé ńkọ́? Ẹ má kọ èkejì. Bó bá ku ìṣẹ́jú 15, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, torí ímeèlì míì a máa já sínú Spam, olúwarẹ̀ ò sì ní rí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé: “Ẹ ṣé gan-an ni o, aago 4 tibí ni mo fi sọ́kàn!” Aago 5 tiwa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ríra lọ́jọ́ kejì, ọmọ-ọmọ kan ni wọ́n bá tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n fi í sí i, ìwé wọ ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ láti sọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.