Ẹ kọ ohun tí aláìsàn ṣe, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ

Àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn pé: "Oníjàgídíjàgan ni." Kí ni dókítà tí a pè lóru máa fi ìyẹn ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: "Aago 2 òru. A fẹ́ wo apá rẹ̀. Ó ní, 'Ẹ má fọwọ́ kàn mí, màá gbá yín létí!' Ó ju ife mọ́ ògiri. Kò bá ẹnikẹ́ni. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n." Bí ẹni náà bá ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, dókítà á ní ká yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá, torí bó bá lọ sílẹ̀ jù, ó lè sọ onísùúrù di oníjà. "Oníjàgídíjàgan" ti bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ló sọ, ẹ kọ Yorùbá náà sílẹ̀ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. "Màá gbá yín létí" kì í ṣe "ó fẹ́ pa wá".