Iná kùrukùru: ìgbà tó yẹ ká tàn án, àti ìgbà tó yẹ ká pa á

Ẹni tó bá ti ìdájí gbéra ní Kábùà lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ lásìkò òjò mọ bí kùrukùru ṣe ń bo ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àná. Igi ẹ̀bá ọ̀nà á pòórá, ọkọ̀ tó ń bọ̀ á di ariwo lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á tan iná gíga. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ̀kán omi kéékèèké tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ là ń pè ní kùrukùru. Bí iná gíga bá bà á, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sójú awakọ̀, bí ìgbà téèyàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri funfun. Bí iná ṣe ń lágbára sí i ni ojú ń ṣú sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so iná kùrukùru mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́tò, nítòsí ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì, kì í gòkè. Etí ọ̀nà ló ń fi hàn. A kò lè fi í ríran jìnnà. Iná ìsàlẹ̀ àti iná kùrukùru iwájú ni kí a jọ tàn.

Ti ẹ̀yìn yàtọ̀. Iná pupa ni, ó sì mọ́lẹ̀ ju iná ẹ̀yìn tí a mọ̀ lọ dáadáa. Nínú kùrukùru tó nípọn, ó ń gba ẹ̀mí là, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tètè rí wa. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà bá mọ́, ó ń gún ẹni ẹ̀yìn lójú, kì í sì í jẹ́ kó mọ ìgbà tí a tẹ bíréèkì. Òfin ilẹ̀ Faransé gbà kí a tan ti iwájú nínú òjò ńlá, ṣùgbọ́n kò gbà kí a tan ti ẹ̀yìn nínú òjò rárá. Ọgbọ́n kan rọrùn: bí o bá ti ń rí iná ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ nínú dígí, pa tìrẹ. Lójú pátákó iwájú awakọ̀, àmì aláwọ̀ ewé tí ìtànṣán rẹ̀ kọjú sí òsì ni ti iwájú. Èyí tó pọ́n bí ọsàn, tí ìtànṣán rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, ni ti ẹ̀yìn.

Síbẹ̀, iná kò lè ṣe iṣẹ́ bíréèkì. Ká ní awakọ̀ kan kó iṣu lọ sọ́jà, kò sì ríran ju mítà 50 lọ. Bó bá ń sá kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan, mítà 25 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìdajì ohun tó rí ti tán. Lórí ọ̀dà tó tutù, yóò rìn tó bí mítà 100 kó tó dúró. Bí tírélà kan bá bàjẹ́ síwájú rẹ̀ láìtan iná, yóò kọlù ú. Bó bá jẹ́ kìlómítà 50 ló ń sá, yóò dúró láàárín bí mítà 40. Ibi tí ojú mọ ni kí eré mọ.

Omi tó bo ọ̀nà ńkọ́? Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí kò tíì dé orúnkún àgbàlagbà, lè gbé mọ́tò kékeré kúrò nílẹ̀. Èyí tó tó 60 lè wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Omi pupa kì í sì í jẹ́ ká mọ̀ bóyá afárá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn, má kọjá. Dúró kó fà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, má tún un ṣí, nítorí omi tó wọ inú rẹ̀ lè dá irin rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Ṣábẹ̀ẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n ri òpó tí a fi ọ̀dà funfun àti pupa sàmì ìwọ̀n sí lára mọ́ ibi gbogbo tí omi ti ń gba ojú ọ̀nà. Lọ́wọ́ awakọ̀, ohun tí a ń béèrè ni pé kó wo ilẹ̀ kó tó kọjá, kó sì pa iná kùrukùru nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́.