Ẹni Tó Ń Tà, Òun Náà Ló Ń Rà

Bí ọ̀rọ̀ dírẹ́kítọ̀ kan tó hùwà tí kò tọ́ bá délẹ̀ lágbègbè wa, yálà ní Mọ́níyà tàbí Lálúpọn, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Àkànrán, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Èló ló jí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò jí kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà, torí òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí òfin ń bèèrè ni pé: ẹ̀gbẹ́ wo lo dúró sí nígbà tí wọ́n ń ná ọjà náà, ìgbà wo lo sì sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ilé ṣàlàyé. Àrosọ ni o, ẹ má wá ẹni tó bá a mu. Ogójì àgbẹ̀ ní abúlé kan nítòsí Lálúpọn da owó jọ, wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC láti máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí, wọ́n sì yan èèyàn márùn-ún ní dírẹ́kítọ̀. Ní ìpàdé bọ́ọ̀dù, àwọn márààrún fẹnu kò pé àwọn nílò lọ́rì kan tí yóò máa kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko, àti pé àwọn lè ná tó mílíọ̀nù 12 náírà lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn, tí gbogbo abúlé ń pè ní Bọ̀dá Alága, mọ ẹnì kan ní Ìwó Róòdù tó fẹ́ ta lọ́rì. Ó fi owó ara rẹ̀ rà á ní mílíọ̀nù 9, ó fi orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ sí ìwé ọkọ̀, àbúrò ìyàwó sì wá tà á fún ilé-iṣẹ́ ní mílíọ̀nù 12. Iye tí irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà nìyẹn. Lọ́rì náà dára, kì í yọnu. Ta wá ni wọ́n rẹ́ jẹ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní wọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Orí àga dírẹ́kítọ̀ ni Bọ̀dá Alága jókòó sí nígbà tó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ ra lọ́rì, ibẹ̀ náà ló ti mọ iye tí wọ́n lè ná. Bó bá jẹ́ pé ó ṣe ohun tí wọ́n yàn án fún ni, yóò sọ fún àwọn mẹ́rin yòókù pé, "Mo mọ ẹnì kan tó fẹ́ tà ní mílíọ̀nù 9." Mílíọ̀nù 3 tó wọ àpò rẹ̀ yẹn, owó àwọn ogójì àgbẹ̀ ni. Kò fọ́ àpótí ẹnikẹ́ni o, kò sì parọ́ nípa iye ọjà. Síbẹ̀ gbèsè ni owó náà jẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí àwọn lọ́yà ń pè ní KÁMÀ, sọ èyí ní abala 305 àti 306. Abala 305 ní dírẹ́kítọ̀ wà ní ipò ẹni tí a fọkàn tán sí ilé-iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tó gbà pé yóò ṣe ilé-iṣẹ́ náà lóore jù lọ. Abala 306 ní àǹfààní ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ forí gbárí pẹ̀lú ojúṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá èrè fún ara rẹ̀. Èyí tó wù wá jù ni ohun tí abala náà sọ nípa àkókò. Bí dírẹ́kítọ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìpàdé gbogbo onípìn-ín kí ọjà tó wáyé, kí èrè sì tó wọlé, wọ́n lè fọwọ́ sí i pé kó máa jẹ èrè rẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tó ti jẹ èrè tán ló wá ń jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ yẹn kò lè gbà á sílẹ̀.

Ní kíláàsì wa, a ti jiyàn gan-an lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan mú "ìforígbárí ìfẹ́-inú" wá, ó sì dún bí ìjà tọkọtaya. Ibi tí a fàbọ̀ sí ni ohun tó máa yé ẹnikẹ́ni tó bá ti ná ọjà rí: ẹni tó ń tà, òun náà ló ń rà. Bí wọ́n bá ní kí o máa bójú tó oko kòkó ọmọ òrukàn, tí o wá ń ra kòkó oko náà fúnra rẹ, ta ló ń bá ọmọ náà ná ọjà? Kódà bó o bá san iye tí gbogbo ayé ń san, ọmọ náà kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan lè rò pé òfin tó wà nínú ìwé lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Báǹkì Intercontinental. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báǹkì Àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi yọ àwọn ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún nípò, Erastus Akingbola ti Intercontinental sì wà lára wọn. Báǹkì náà fúnra rẹ̀, lábẹ́ àwọn ọ̀gá tuntun, ló wá pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Lọ́ńdọ̀nù. Kí ẹjọ́ tó parí, Báǹkì Access ti gba Intercontinental. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2012, Adájọ́ Burton dá báǹkì láre, ó sì ní kí Akingbola san nǹkan bíi mílíọ̀nù 654 pọ́n-ùn. Òfin Nàìjíríà ni adájọ́ òyìnbó náà fi wọn ojúṣe dírẹ́kítọ̀ náà, ìyẹn òfin ilé-iṣẹ́ tó wà kí ti ọdún 2020 tó rọ́pò rẹ̀. Akingbola sọ pé òun kò jẹ̀bi, a sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé ẹjọ́ owó ni èyí, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà gbà. Èyí tó gba owó jù ni pé wọ́n ń fi owó báǹkì ra ìpín báǹkì náà fúnra rẹ̀, èyí tí òfin kò fọwọ́ sí. Ẹlòmíràn lè kọ̀wé lórí ìyẹn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tiwa ni owó báǹkì tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tropics, tí ìdílé Akingbola ní ọwọ́ nínú wọn, àti owó tó ju mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn lọ tó gba ọwọ́ àwọn lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ríra ilé. Ẹ fi wé Bọ̀dá Alága. Iye owó ló yàtọ̀. Àwòrán náà kò yàtọ̀. Ẹni tó láṣẹ láti ní kí owó jáde níhìn-ín ni ọ̀ràn ẹni tó ń gba owó lọ́hùn-ún kàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ń bá wa jiyàn pé òfin yìí ti le jù fún ilé-iṣẹ́ abúlé. Wọ́n ní lábúlé, ẹni tó ní katakata lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun náà sì ni wọ́n máa fi ṣe dírẹ́kítọ̀, torí òun ló lówó díẹ̀. Ṣé kí ilé-iṣẹ́ wá máa fi ọkọ́ ro ilẹ̀ nítorí òfin? Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí wọ́n má gba katakata rẹ̀ lò. Ohun tó ní ni kó sọ̀rọ̀. Kó sọ ní ìpàdé bọ́ọ̀dù pé, "Tèmi ni katakata yìí, iye báyìí ni mo máa gbà lórí éékà kan." Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Lójú tiwa, kí òun alára jáde síta nígbà tí àwọn mẹ́rin yòókù bá ń jíròrò rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ní abúlé mìíràn. Bó bá jẹ́ dúkìá ńlá ló fẹ́ tà fún ilé-iṣẹ́, ìpàdé gbogbo onípìn-ín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Gbogbo èyí kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Ibi tí òfin ti le lóòótọ́ ni ibi tí ilé-iṣẹ́ kò ti lówó. Ká ní owó ilé-iṣẹ́ kò tó ra lọ́rì náà, tí Bọ̀dá Alága wá rà á fún ara rẹ̀, tó sì tà á lérè fún ẹlòmíràn ńkọ́? Irú ẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Regal, tó ní ilé sinimá ní Hastings, fẹ́ ra gbogbo ìpín 5,000 nínú ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n 2,000 péré ni agbára rẹ̀ ká. Àwọn dírẹ́kítọ̀ fi owó ara wọn rà nínú ìyókù, wọ́n sì jèrè nígbà tí wọ́n tà á. Lọ́dún 1942, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní kí wọ́n dá èrè náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ní wọ́n hùwà àrékérekè. KÁMÀ náà gba ọ̀nà yẹn: pé ilé-iṣẹ́ kò lágbára láti ṣe nǹkan kò lè jẹ́ àwíjàre fún dírẹ́kítọ̀. Àwa kan nínú wa rò pé ó ti le jù. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tó kù gbà ni pé, ta ló máa pinnu pé ilé-iṣẹ́ kò lówó? Àwọn dírẹ́kítọ̀ náà ni.

Báwo ni onípìn-ín kékeré ṣe lè mọ̀? Kó bèèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé gbogboogbò, kó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ọjà ńlá kankan wà níbẹ̀. Kó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ lemọ́lemọ́, kó sì wá a nínú àkọsílẹ̀ CAC. Bí orúkọ ìdílé dírẹ́kítọ̀ bá yọjú níbẹ̀, kò tíì di ẹ̀sùn. Ìbéèrè ṣì ni. Ìdáhùn tó yẹ kó gbà ni ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́.

Bí kò bá sí ìdáhùn, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́, torí òun ni dírẹ́kítọ̀ jẹ ní gbèsè. Ìdí rèé tó fi jẹ́ báǹkì ló pe Akingbola lẹ́jọ́, tí kì í ṣe àwọn tó ra ìpín níbẹ̀. Àmọ́ bí àwọn tó jẹ̀bi bá ṣì jókòó sórí bọ́ọ̀dù, wọn ò ní pe ara wọn lẹ́jọ́. Nígbà náà, onípìn-ín lè lọ bá Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀, èyí tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, kó tọrọ àyè láti pẹjọ́ lórúkọ ilé-iṣẹ́. Yóò ti kọ́kọ́ fún àwọn dírẹ́kítọ̀ ní ìwé pé òun ń bọ̀ wá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì fi han adájọ́ pé nítorí ire ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìjà ẹbí. Bí wọ́n bá jàre, àpò ilé-iṣẹ́ ni mílíọ̀nù 3 náírà orí lọ́rì yẹn máa padà sí, kì í ṣe àpò ẹni tó pẹjọ́.