Ẹ Ní Kí Wọ́n Fi Í Pamọ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àwòrán alábala jáde lórí Instagiráàmù ló ń fi abala ìkẹyìn tọrọ àmì ọkàn. Èmi kò rí èrè kankan níbẹ̀. Ẹni tó tẹ ọkàn ti kíni tán, ó ti bá tirẹ̀ lọ; ẹni tó fi í pamọ́ ní i lọ́kàn láti padà wá.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ń kọ́ni ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a rẹ́ ẹnu rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Ta ni yóò rántí ìwọ̀n yìí lóru? Nítorí náà, “Ẹ fi í pamọ́” lásán kò tó. Kí abala ìkẹyìn dárúkọ ìgbà ìlò rẹ̀: “Ẹ tẹ àmì ìpamọ́ tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ìwọ̀n yìí lè wà lọ́wọ́ yín lóru ọjọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ.” Kí ẹ̀bẹ̀ náà dá dúró, bí a bá to mẹ́rin pọ̀, òǹkàwé lè má ṣe ọ̀kankan.

Ìròyìn ìgbéyàwó gbajúmọ̀ kò yẹ fún irú ẹ̀bẹ̀ yìí, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò padà wá wò níbẹ̀. Bí ọkàn bá pọ̀ tí ìpamọ́ kò tó nǹkan, ohun tó wà nínú àwọn abala ìṣáájú ni kí ẹ tún ṣe, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ìparí.