Èlé 2.5% Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Ẹ Jẹ́ Ká Ya Ìṣirò Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn Sọ́tọ̀

A jókòó ní Bódìjà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi bá ní: "Bọ̀ọ̀dá, èlé 2.5%! Ta ló ń yá èèyàn lówó báyẹn? Ọ̀fẹ́ ni, jàre." Ẹ̀yáwó rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, tó dé Mọníyà, ló ń sọ. Mo bi í pé: "Rélùwéè náà lo ń yìn ni, àbí owó tí wọ́n fi ṣe é?" Kò lè dá mi lóhùn.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì. Mo rántí ọdún 2020, nígbà tí àwọn aṣòfin l'Ábújá ń pariwo lórí ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó Ṣáínà, pé a ti fi àṣẹ orílẹ̀-èdè wa dógò. Inú àwa lọ́yà dùn sí àríyànjiyàn yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀ kò ru ẹnikẹ́ni sókè: èrè wo gan-an ló wà nínú owó pọ́ọ́kú yìí, èrè wo ló sì wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀. Stewart Myers ló gbé e jáde lọ́dún 1974, APV ni wọ́n ń pè é:

`APV = NPV + PV`

NPV ni èrè iṣẹ́ náà bí ẹni pé ìjọba fi owó ara rẹ̀ ṣe é, láìyá kọ́bọ̀. PV ni àǹfààní tó ti ara ẹ̀yáwó wá, tí a sọ di owó òní. Ilé iṣẹ́ aládàáni á tún ka ẹ̀dínwó owó orí tí èlé ń mú wá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìjọba kì í san owó orí fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Lọ́dún 2017, báńkì Exim ti Ṣáínà gbà láti yá wa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.267 dọ́là. Àdéhùn náà ni pé ogún ọdún la ó fi san án, wọn ò sì ní bèèrè ojú owó fún ọdún méje àkọ́kọ́, àfi èlé. Lọ́dún kan náà, Nàìjíríà yá dọ́là lọ́jà àgbáyé: 6.5% lórí ti ọlọ́dún mẹ́wàá, 7.625% lórí ti ọlọ́dún ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú 7%. Tí a bá fi 7% sọ gbogbo owó tí a ó san lórí 100 dọ́là di owó òní, ó jẹ́ nǹkan bíi 61.5 dọ́là. A gba 100, a ó san 61.5. Ẹ̀bùn inú rẹ̀ jẹ́ 38.5.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á mú 2.5% ti dọ́là, wọ́n á fi wé èlé tí báńkì Dùgbẹ̀ ń gbà lórí náírà, ká ní 20%. Tí ẹ bá fi 20% ṣe ìṣirò kan náà, ẹ̀bùn yẹn á di 79! Irọ́ ni. Dọ́là la ó fi san án, èlé dọ́là ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n.

Àmọ́ nǹkan bíi 85 nínú 100 owó iṣẹ́ náà ni ẹ̀yáwó gbé. Nítorí náà, lórí 100 dọ́là iṣẹ́, ẹ̀bùn náà jẹ́ 33.

Àpẹẹrẹ tèmi nìyí, kì í ṣe ìwé ìṣirò ìjọba. Ká ní iṣẹ́ tó ná wa ní 100 máa mú èrè 75 wá ní owó òní. Èrè iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ òfò 25. Fi ẹ̀bùn 33 kún un, ó di èrè 8. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ló gbà á là, kì í ṣe rélùwéè. Ká sì ní a lè lo owó pọ́ọ́kú kan náà fún iṣẹ́ mìíràn, a ò gbọdọ̀ ka ẹ̀bùn yẹn mọ́ rélùwéè rárá.

Irú owó yìí sì sábà máa ń bá agbaṣẹ́ṣe láti orílẹ̀-èdè ayánilówó rìn. Tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní 65, ká yá owó ọjà ní 7%, èrè wa á jẹ́ 10. Ó ju 8 lọ. Láti 67 sísàlẹ̀, owó olówó gọbọi ló dáa jù. Mi ò sọ pé wọ́n fi owó lé iṣẹ́ tiwa. Ohun tí mo ń sọ ni pé láìsí iye tí ẹlòmíì máa gbà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Torí náà, nígbà tí ìjọba, yálà l'Ábújá tàbí ní Agodi, bá tún kéde ẹ̀yáwó olówó pọ́ọ́kú, òǹkà mẹ́ta ni ká bèèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èrè iṣẹ́ láìsí ẹ̀yáwó, ẹ̀bùn inú ẹ̀yáwó, àti iye tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn máa gbà. Tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ ká rí.